Ẹ̀rọ Géèmù tó ń Kú Láàárín Eré

Ní Niamey, bí ohunkóhun bá bàjẹ́ nínú oṣù kẹrin, ooru ni wọ́n máa kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Àbúrò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Poudrière ló ránṣẹ́ pè mí pé ọ̀kan nínú àwọn PS4 òun ń kú láàárín bọ́ọ̀lù. Kí n tó jókòó, ó ti dá ẹjọ́ náà tán. "Ẹ̀gbọ́n, ooru ni. Mo tiẹ̀ ti ra fáànù mìíràn tì í."

Kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn tó ṣe PS4 kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí ibi tí wọ́n ti ń lò ó má gbóná ju 35 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán oṣù kẹrin ní Niamey a máa kọjá 40 láìsí wàhálà. Ẹ wá fi eruku aṣálẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bi í kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀rọ náà ń kú. Mo bi í bó ṣe ń kú.

PS4 tí ooru fẹ́ pa kì í sábà lọ láìdágbére. Fáànù inú rẹ̀ á kọ́kọ́ máa pariwo, lẹ́yìn náà á kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun ti gbóná jù, iná ojú rẹ̀ á sì pọ́n. Bí ẹ bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, yóò kú kíákíá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan, yóò pẹ́ kó tó tún ṣe é. Ọ̀kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà tó ń ṣe báyìí gan-an, èyí tó dàgbà jù lọ níbẹ̀. Eruku ti dí ihò atẹ́gùn rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi sí àárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀ sì ti gbẹ. A fọ ìyẹn mọ́, a fi ọ̀rá tuntun sí i, ó jókòó jẹ́ẹ́.

Ti èyí tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí kò rí bẹ́ẹ̀. A máa kú ní òru tí atẹ́gùn bá ti tutù, nígbà mìíràn kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, fáànù rẹ̀ kò sì pariwo. Iná ojú rẹ̀ á kàn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá tàn án padà, á kọ ọ́ pé wọn kò pa òun bó ṣe yẹ, á wá máa yẹ háàdì rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yìí ló ti mú kí ẹnì kan gba ọ̀dọ́kùnrin náà nímọ̀ràn pé háàdì ló ti bàjẹ́, kó ra tuntun.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí háàdì bá ń kú lọ, eré ló ń kú, ẹ̀rọ kì í kú. Àwòrán á dúró sójú kan, tàbí eré á já, wọ́n á sì rí `CE-34878-0` níbẹ̀, ṣùgbọ́n iná ojú ẹ̀rọ á ṣì wà ní títàn. Ẹ̀rọ ń yẹ háàdì wò nítorí pé iná já lójijì nígbà tó ṣeé ṣe kó ti máa kọ nǹkan sínú rẹ̀. Wáyà HDMI náà ní àmì tirẹ̀: àwòrán á lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á ṣì máa mí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ní kí wọ́n yé wo tẹlifíṣọ̀n, kí wọ́n máa wo iná ojú ẹ̀rọ.

Ó wá ku iná. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ lẹ́nu jù, nítorí gbogbo ènìyàn ìlú yìí ló ní ìtàn iná. Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú iná Niamey ti ń wá, lórí wáyà tó gba Bírínnín Kébì kọjá. Lẹ́yìn tí àwọn sójà gba ìjọba ní 26 oṣù keje ọdún 2023, Nàìjíríà já iná náà, ìfìyàjẹ ECOWAS kò sì kúrò títí di 24 oṣù kejì ọdún 2024. Láti ìgbà náà, bí gílóòbù bá ṣẹ́jú, ìjọba ni. Ṣùgbọ́n bí iná ọba bá já, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló máa mọ̀. Àwọn PS4 yòókù kò mọ nǹkan kan. Tẹlifíṣọ̀n tí òun àti ẹ̀rọ aláìsàn yìí jọ wà lórí ẹ́síténṣọ̀n kan náà kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

Ohun tó ń dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni pé àárín eré ló ti ń kú. Wọ́n á ní tí kì í bá ṣe ooru, kí ló dé tí kì í kú nígbà tí wọ́n bá ṣì ń yan ẹgbẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé eré ń fa iná ju ibi yíyan ẹgbẹ́ lọ. PS4 àkọ́kọ́ lè fa bí 140 wáàtì nígbà tí bọ́ọ̀lù bá le. Nínú àpótí iná rẹ̀, kapásítọ̀ kan wà tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́, kí ẹ̀rọ lè fara da kí iná já fún ìṣẹ́jú àáyá tí kò tó nǹkan. Bí ẹ̀rọ bá ń fa díẹ̀, ohun tó tọ́jú á tó o. Bí ó bá ń fa púpọ̀, á tán kí iná tó dé padà. Iná tó já fún ìdá kan nínú ìdá ogún ìṣẹ́jú àáyá lè kọjá láìsí ẹni tó mọ̀ nígbà tí a ń yan ẹgbẹ́, kó sì pa ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n bá ń gbá pẹnáritì. Ooru àti iná, àárín eré ni àwọn méjèèjì ti ń pa ẹ̀rọ, nítorí náà "ó kú láàárín eré" kò ya wọ́n sọ́tọ̀.

Mo ní ká pààrọ̀ àyè àwọn ẹ̀rọ, ẹ̀rọ nìkan. Èyí tó ń ṣàìsàn lọ sí àyè aládùúgbò rẹ̀, aládùúgbò wá jókòó sí tirẹ̀, wáyà kọ̀ọ̀kan dúró síbi tó wà. Ohun tó le nínú irú àìsàn báyìí ni sùúrù. Bí ẹ̀rọ kan bá máa ń ṣeré fún wákàtí méjì nígbà mìíràn kó tó kú, wákàtí kan láìkú kò jẹ́rìí sí nǹkan kan, ó gbọ́dọ̀ kọjá ìyẹn dáadáa. Wọ́n ṣeré di òru. Aláìsàn kò kú, èyí tó ní ìlera ló kú, ní àyè aláìsàn. Ká ní ikú náà tẹ̀ lé ẹ̀rọ ni, àpótí iná inú rẹ̀ là bá fura sí. Kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń ṣí, nítorí kapásítọ̀ yẹn a máa di iná mú lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ wáyà.

Wáyà tó wà ní àyè aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti gbó, ṣiṣẹ́ dáadáa níbòmíràn. Ó ku àdápítọ̀. Èkó ni wọ́n ti ra àwọn PS4 wọ̀nyí, orí wáyà wọn sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì Niamey sì jẹ́ ti àwọn Faransé, ihò róbótó. Nítorí náà olúkúlùkù wọn ní àdápítọ̀ tirẹ̀ láàárín. Tẹlifíṣọ̀n, Niamey ni wọ́n ti rà á, orí rẹ̀ róbótó, ó wọ ẹ́síténṣọ̀n tààrà. A pa iná láti ibi mítà kí n tó fa àdápítọ̀ àyè aláìsàn yọ. Ó ṣì gbóná lọ́wọ́. Irin inú rẹ̀ ti dẹ̀, ihò kan ti dúdú yíká. Ibi tí irin kò bá ti di irin mú dáadáa ni iná ti máa ń fò, ibẹ̀ á gbóná, á tún dẹ̀ sí i. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣáà sọ pé ooru ni."

Wáyà tó ń wọ PS4 yìí, irú èyí tí rédíò ń lò náà ni, wọ́n sì ń tà á ní ọjà pẹ̀lú orí róbótó. A ra tuntun fún gbogbo wọn, a kó àwọn àdápítọ̀ dà nù.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí iná ti ń já lójijì kò lọ lásán. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí já eré pẹ̀lú `CE-34878-0`, iná ojú rẹ̀ sì ń tàn. Háàdì ni lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ló ti dàrú. A pa á, a di bọ́tìnnì rẹ̀ mú bí ìṣẹ́jú àáyá méje títí ó fi dún lẹ́ẹ̀kejì, a sì yan `Rebuild Database`. Ó padà sípò, àfi àkọsílẹ̀ líìgì oníbàárà kan tí kò ṣí mọ́. Ọmọkùnrin náà ní òun ti gba ife níbẹ̀, kí wọ́n fún òun ní wákàtí ọ̀fẹ́. Àbúrò mi ní ta ló rí ife náà. Wọ́n ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà ní èdè Zarma nígbà tí mo kó irinṣẹ́ mi.