Gbólóhùn Márùn-ún Nínú Ímeèlì

Àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Àwa mẹ́ta tí a jọ kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì ní Àjàṣẹ́ gba òwe yìí gbọ́ débi pé a fi í kọ̀wé sí òkè òkun. Fún oṣù mẹ́rin ni a fi ń kọ ímeèlì sí àwọn ilé búrẹ́dì ní ìpínlẹ̀ Niu Bọrọnsíwíìkì ní Kánádà, níbi tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti jọ jẹ́ èdè ìjọba. A sọ iye ọdún tí a ti ń po ìyẹ̀fun, a sọ irú búrẹ́dì tí a mọ̀ ọ́n ṣe, a sì fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: «A ti múra tán láti wá nígbàkúgbà.» Èrò wa ni pé ẹni tó bá kà á yóò mọ ìyókù.

Ẹnìkan ṣoṣo ló dá wa lóhùn. Ó ní: «Àwòrán búrẹ́dì yín wù mí. Ṣé ẹ ní ìwé àṣẹ iṣẹ́? Bí ẹ kò bá ní i, kí ni èmi yóò ṣe, èló ni yóò ná mi, ìgbà wo ni ẹ óò sì dé?»

Ìbéèrè rẹ̀ dà bí ìbáwí létí wa. Nígbà tí a tún un kà ni a rí i pé ohun tí a fi pamọ́ fún un gan-an ni ó ń béèrè. A ti fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí kò mọ ààbọ̀ yòókù. Oníbúrẹ́dì ni, kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ohun tó ti gbọ́ nípa gbígba àjèjì síṣẹ́ ni pé ó le, ó sì wọ́n. Bí ìwé wa kò bá mú ẹ̀rù yẹn kúrò, yóò kàn pa á dé.

A wá jókòó, a wádìí ọ̀nà tí àjèjì ń gbà dé ibi iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni pé agbanisíṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi han ìjọba pé òun wá ọmọ Kánádà fún iṣẹ́ náà, òun kò rí. Yóò polówó iṣẹ́ náà, yóò kọ ìwé púpọ̀, yóò sì san 1000 dólà Kánádà lórí ipò kan. Ọ̀nà yìí ló ń ba àwọn onílé iṣẹ́ kékeré lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tó bá ń sọ Faransé, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì sí ní Kébẹ́ẹ̀kì. Orúkọ tí a ń tẹ̀ láti wá a ni Mobilité francophone, àmì rẹ̀ lórí ìwé sì ni C16. Nínú ètò yìí, agbanisíṣẹ́ kò ní láti ṣe ìwádìí yẹn rárá. Yóò fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ìjọba lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò san 230 dólà, yóò sì gba nọ́ńbà kan tí lẹ́tà A bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni òṣìṣẹ́ yóò fi béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ tirẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ètò náà gba iṣẹ́ gbogbo àfi díẹ̀ nínú iṣẹ́ oko, ó sì béèrè Faransé ìpele 5 nínú gbígbọ́ àti sísọ. Èdè tí a kọ́ nílé ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́, tí a kò kà sí nǹkankan, ni kọ́kọ́rọ́ tí a kò mẹ́nu bà fún oṣù mẹ́rin.

Kí a tó kọ èsì, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe méjì. Ọ̀kan nínú wa ní kí a kọ ọ́ pé a ti ní àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní Kánádà, níwọ̀n bí a ti máa rí i gbà bó pẹ́ bó yá. Irọ́ nìyẹn yóò jẹ́, ẹni tí ìjọba Kánádà bá sì mú pé ó parọ́ nínú ìwé tó kọ sí wọn lè má rí ilẹ̀ náà wọ̀ fún ọdún márùn-ún. Èkejì ní kí a ṣèlérí pé a óò dá 230 dólà yẹn padà fún ọkùnrin náà. Òfin kọ ìyẹn pẹ̀lú: agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba owó náà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fún yín ní nọ́ńbà A, ẹ sá fún un.

A tún rí i pé ìwé kan ṣoṣo tí àwa mẹ́ta jọ fi orúkọ sí ti sọ ìnáwó kan di mẹ́ta lójú ẹni tó ń kà á. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó sọ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò wádìí ìwé àṣẹ nítorí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò wù ú. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn márùn-ún yìí tẹ̀ lé e. Faransé ni ó fi kọ ọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí:

«Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ ni mo ń gbé, n kò tíì ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ ní Kánádà. Nítorí pé mo ń sọ Faransé, mo lè béèrè rẹ̀ lábẹ́ ètò Mobilité francophone (C16), èsì ìdánwò TCF mi sì wà nínú ìwé tí mo so mọ́ èyí. Ní tiyín, ẹ óò fi ìwé ìgbanisíṣẹ́ ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ óò sì san 230 dólà; ètò yìí kò béèrè pé kí ẹ kọ́kọ́ wá ọmọ Kánádà. Èmi ni yóò san owó ìwé àṣẹ, ti ìtẹ̀ka àti ti ọkọ̀ òfuurufú, ìrànlọ́wọ́ kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ yín fún ni láti bá mi wá yàrá fún oṣù àkọ́kọ́. Mo lè gbéra ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ bá jáde.»

Ẹ wo gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Kò dárúkọ ọjọ́ tí yóò dé, nítorí ọwọ́ ìjọba ni ìyẹn wà: ìtẹ̀ka wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà tí wọ́n yàn sì wà níbẹ̀. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nìkan ló ṣèlérí: ọ̀sẹ̀ méjì láti dágbére fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan láti palẹ̀mọ́. Bákan náà ni kò sọ pé òun yóò san owó ọkọ̀ kí ó tó ṣírò rẹ̀. Ìwé àṣẹ jẹ́ 155 dólà, ìtẹ̀ka 85. Ó fi owó ọkọ̀ àti oúnjẹ oṣù kan kún un, ó sì rí i pé èsúsú wa àti owó tí òun fi pamọ́ tó o. Bí kò bá tó ni, ìbá béèrè ní gbangba pé ṣé ilé iṣẹ́ lè yá òun ní owó ọkọ̀. Ẹni tó bá ní òun lè dá gbogbo rẹ̀ gbé, tí ó wá ń tọrọ lẹ́yìn ìfohùnṣọ̀kan, ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ọkùnrin náà pè é. Kò tún béèrè nípa ìwé mọ́. Ìyẹ̀fun àti bí a ti ń mú un wú lásìkò ọyẹ́ ni wọ́n fi wákàtí kan sọ. Ipò kan ṣoṣo ló ní, ó sì fún ẹ̀gbọ́n wa. Nọ́ńbà A ti dé, ìwé rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ ìjọba báyìí. Wọ́n ṣì lè kọ̀ ọ́, bí wọn kò bá gbà pé yóò padà nígbà tí àkókò rẹ̀ bá pé. Bí wọ́n bá sì gbà á, ilé búrẹ́dì yẹn nìkan ni ìwé náà yóò dárúkọ. Kò lè lọ bá ọ̀gá mìíràn láìgba òmíràn.

Àwa méjì tó kù ṣì ń po ìyẹ̀fun ní Àjàṣẹ́. A ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò TCF. Bí èsì bá jáde, kálukú wa yóò kọ ímeèlì tirẹ̀, odindi ọ̀rọ̀ ni a ó sì kọ sínú rẹ̀.