Ìsàlẹ̀ Ìgbì Ni Kí Ẹ Wò: Bí A Ṣe Yan Kapásítọ̀ fún Pawa Sọ́pláì Wa

Àwa mẹ́rin la jọ gba iṣẹ́ kan ní sáà tó kọjá: ká ṣe pawa sọ́pláì fólítì 12 tí yóò máa gbé ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré kan. Bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iná tó ń fà jẹ́ áńpíà 0.4. Iná ìjọba ní yàrá iṣẹ́ tí a ti máa gbé e síwájú àwọn olùkọ́ kì í dúró sójú kan. Ó lè wà ní 240 láàárọ̀, kó wálẹ̀ sí 200 lọ́sàn-án. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn lójú wọn, máàkì ti lọ nìyẹn. Owó tó wà lọ́wọ́ wa kò sì gbà ká ra nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí a fi jókòó ṣírò kí ẹnikẹ́ni tó gba ọjà lọ.

Iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Tiránsífọ́mà yóò bu iná kù. Dáyóòdù mẹ́rin tí a so bí afárá yóò tẹ̀ lé e, kapásítọ̀ yóò tẹ̀ lé ìyẹn, régúlétọ̀ 7812 ni yóò kẹ́yìn. Iná ìjọba ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó bá ń lọ, dáyóòdù méjì ló ń jẹ́ kó kọjá. Nígbà tó bá ń bọ̀, méjì yòókù ni. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo rẹ̀ wá ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Nítorí pé àlọ àti àbọ̀ ló ń wúlò, ìgbì 100 là ń rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe 50.

Kapásítọ̀ dà bíi dúrọ́ọ̀mù omi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Omi kì í ṣàn wọ inú rẹ̀ nígbà gbogbo. Ó ń dé, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pọn ọ́n kì í dúró. Bí ìgbì bá dé ṣóńṣó, kapásítọ̀ á kún. Bí ìgbì bá ń wálẹ̀, òun ló ń bọ́ ẹ̀rọ títí ìgbì mìíràn yóò fi dé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà jù lọ ni wọ́n ń pè ní rípù. Báyìí la ṣe ń fojú bù ú:

```
Vr = I / (2 × f × C)
```

I ni iná tí ẹ̀rọ ń fà, f ni 50 ti iná ìjọba, C ni ìwọ̀n kapásítọ̀.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró síbẹ̀, ká máa wá bí rípù yóò ṣe kéré. Ṣùgbọ́n ohun tí 7812 fẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Kí fólítì 12 tó lè jáde lára rẹ̀ láìmì, ohun tó ń wọlé gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi fólítì 2 ju 12 lọ. Ìyẹn ni pé ìsàlẹ̀ ìgbì kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju 14 lọ. Bó bá já sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíńtín, kòtò náà á kọjá sínú ẹ̀rọ, etí á sì gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ìkùn.

Tiránsífọ́mà 230 sí 12 ni a kọ́kọ́ fẹ́ lò, torí òun ló wọ́pọ̀. Fólítì 12 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kì í ṣe ṣóńṣó. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.414, ṣóńṣó jẹ́ 17. Dáyóòdù méjì ni iná ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bíi 0.7, ó wá ku 15.6. Rípù tí a lè gbà kí ìsàlẹ̀ tó kan 14 jẹ́ 1.6. Èyí túmọ̀ sí kapásítọ̀ máíkírófárádì 2500, nítorí náà 3300 yóò tó.

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa ní ká kúkú ra 4700, kí ọkàn wa balẹ̀. Ẹnì kejì ní ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú iná ọ̀sán ná. Bí iná ìjọba bá jẹ́ 200, tiránsífọ́mà yìí yóò mú 10.4 wá, ṣóńṣó rẹ̀ á di 14.7. Bí dáyóòdù bá jẹ tiwọn, 13.3 ló kù. Ṣóńṣó fúnra rẹ̀ kò dé 14 mọ́! Kapásítọ̀ tó tóbi bí garawa kò lè ran irú èyí lọ́wọ́, torí dúrọ́ọ̀mù kì í kún ju ibi tí omi dé lọ.

Bí a ṣe yí sí tiránsífọ́mà fólítì 15 nìyẹn. Pẹ̀lú iná 200, ó ń mú 13 wá. Ṣóńṣó jẹ́ 18.4, ó sì ku 17 lẹ́yìn dáyóòdù. A wá ní fólítì 3 tí rípù lè jẹ. Máíkírófárádì 1333 ni ìṣirò béèrè, àmọ́ 2200 la rà. Rípù rẹ̀ jẹ́ 1.8, ìsàlẹ̀ ìgbì sì wà ní 15.2. Àjẹkù yẹn kì í ṣe ìnákúnàá: irú kapásítọ̀ yìí lè fi ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, wáyà inú tiránsífọ́mà náà sì ń jẹ díẹ̀.

Ìtura yìí ní owó orí tirẹ̀. Bí iná bá gun 240, ṣóńṣó tó ń dé ọ̀dọ̀ kapásítọ̀ jẹ́ 20.7, ó sì tún ń ga sí i bí ẹ̀rọ kò bá fa iná. Nítorí náà a fi kapásítọ̀ olófólítì 25 sílẹ̀, a mú ti 35. Régúlétọ̀ náà yóò máa sọ fólítì bíi 8 di ooru, bí 0.4 bá ń kọjá, wáàtì 3 nìyẹn. A dè é mọ́ irin pẹlẹbẹ tó ń tú ooru ká.

Nígbà tí a so gbogbo rẹ̀ tán, a gbé mítà sí ibi ìwọn iná àlọ-àbọ̀, a fi kapásítọ̀ kékeré 0.1 sí ìdí wáyà rẹ̀ kan kó má bàa ka iná tó dúró. Rípù 1.8 yẹ kó fara hàn bíi 0.5 lórí mítà, torí mítà kì í ka láti òkè dé ìsàlẹ̀. A rí 0.45. Ó dín díẹ̀ nítorí pé kapásítọ̀ kì í fi gbogbo àkókò bọ́ ẹ̀rọ. Ó ń rí oúnjẹ tirẹ̀ jẹ kí ìgbì tó parí. Fọ́múlà yẹn máa ń ṣírò pọ̀ díẹ̀, èyí sì dára fún wa.

Ẹ má sọ nọ́ńbà yẹn nù. Bí ó bá di nǹkan bíi 1 lọ́jọ́ kan tí ẹ̀rọ ṣì ń fa 0.4, ẹ kọ́kọ́ wo dáyóòdù. Bí ọ̀kan bá já, àbọ̀ ìgbì ti sọnù, 100 ti di 50, kapásítọ̀ á sì máa bọ́ ẹ̀rọ fún ìlọ́po méjì àkókò. Rípù á di 3.6. Bí iná ìjọba bá ṣì ga, ẹ lè má gbọ́ nǹkan kan. Bó bá wálẹ̀ sí 200, ìsàlẹ̀ ìgbì á já sí 13.4, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kí ẹ tó sọ pé kapásítọ̀ ti gbó, ẹ fi mítà yẹ dáyóòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan.