Àmì Ohùn Tàbí Ọ̀nà Àbájáde? Bí A Ṣe Bá Oníṣọ́ọ̀bù Fi Àtẹ̀jíṣẹ́ Ránṣẹ́

Kò sí ẹni tí kò tíì gba irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí rí láàárín wa: orúkọ ló wà lórí rẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà; ó ní ká wá rajà; tí a bá sì fẹ́ fèsì pé ó tó gẹ́ẹ́, fóònù á kọ̀, nítorí kò sí nọ́ńbà tí èsì náà máa bá lọ. Nígbà tí màmá kan tó ń ta aṣọ òkè nítòsí ọgbà ilé-ìwé wa ní kí àwa mẹ́ta bá òun fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà òun kí ọdún tó dé, ohun tí a kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: ẹni tí kò bá fẹ́, ọ̀nà wo ló máa gbà sọ fún wa?

Orúkọ la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ṣọ́ọ̀bù náà ní Ìtùnú Aṣọ Òkè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Orúkọ olùfiránṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 11 lọ, àlàfo pàápàá wà nínú iye yẹn, kò sì gba àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀. A kó àlàfo kúrò, ó di `ItunuAsoOke`, lẹ́tà 11 géérégé. Ìyá Ìbejì làwọn oníbàárà ń pe màmá, `IyaIbeji` ì bá sì tètè yé wọn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tí a ra àtẹ̀jíṣẹ́ lọ́wọ́ wọn béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC kí wọ́n tó gbé orúkọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìfọwọ́sí, Ìtùnú ló sì wà nínú ìwé. Ìfọwọ́sí yìí gba ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe ní ọjọ́ tó kù ọ̀la kí ọdún dé.

Orúkọ yìí ló mú ìṣòro wá. Àwọn mìíràn máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí èèyàn fèsì STOP, nígbà tí orúkọ lásán kò lè gba èsì kankan. Ìlérí òfo nìyẹn. Ohun tí a ṣe ni pé a ra síìmù tuntun kan, a fi í sínú fóònù kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, a kò sì lò ó fún nǹkan mìíràn. A kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Màmá ló rán wa létí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní ná owó àtẹ̀jíṣẹ́ láti sọ pé àwọn kò fẹ́. Fíláàṣì ni wọ́n máa fíláàṣì. A gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fíláàṣì, a ó pè é padà láti mọ̀ bóyá ó fẹ́ kúrò ni tàbí iye tí aṣọ jẹ́ ló fẹ́ béèrè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun àwa ọmọ Yorùbá ni kíkọ ọ̀rọ̀ náà. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá jẹ́ kìkì lẹ́tà tí ètò fóònù mọ̀ láti ilẹ̀ máa ń gba lẹ́tà 160 lójú-ewé kan. Àwọn lẹ́tà náà ní à, è, ì, ò àti ù nínú. Ṣùgbọ́n nínú àwọn olóhùn òkè, é nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sì sí níbẹ̀ rárá. Tí ẹyọ kan péré nínú àwọn tí kò sí yìí bá wọlé, odindi àtẹ̀jíṣẹ́ náà yóò bọ́ sí ètò mìíràn tó jẹ́ pé lẹ́tà 70 ni ojú-ewé kan ń gbà. Tó bá di ojú-ewé méjì, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì ₦ náà ń fa irú èyí. Ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń gba owó lé lórí.

Ohun tí a kọ́kọ́ kọ nìyí:

```
Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Aṣọ òkè tuntun ti dé. Ẹ wá wò ó kó tó di Sátidé.
```

Lẹ́tà 69 ni, nítorí pé ẹ̀ àti ọ́ jẹ́ méjì méjì. Ó wọ ojú-ewé kan. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà àbájáde níbẹ̀. Nígbà tí a fi í kún un, ó di 130, ìyẹn ojú-ewé méjì. Tí a bá sì yọ gbogbo àmì kúrò, ó di 125, ó sì wọ ojú-ewé kan:

```
E ku ipalemo odun. Aso oke tuntun ti de. E wa wo o ko to di Satide. Bi e ko ba fe iru eyi mo, e fi DURO ranse si 080XXXXXXXX.
```

Ká ní ojú-ewé kan jẹ́ náírà 5, èèyàn 380 yóò ná màmá ní náírà 1,900. Ojú-ewé méjì yóò sọ ọ́ di 3,800. Ọ̀kan nínú wa ní ká yọ ọ̀rọ̀ DURO, ká fi àmì sílẹ̀, pé kí ni àwọn èèyàn máa sọ tí wọ́n bá gbọ́ pé àwa la kọ Yorùbá aláìlámì. Àríyànjiyàn náà pẹ́ díẹ̀. Èrò tó borí ni pé oníbàárà lè ka gbólóhùn yìí láìsí àmì kó sì yé e, ṣùgbọ́n kò lè jáde láti ibi tí kò ti sí ilẹ̀kùn. Òfin Ìdáàbòbò Détà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, pàápàá fún un ní ẹ̀tọ́ láti kọ irú ìpolówó bẹ́ẹ̀. Àmì ló lọ.

Gbígba DURO kò tó. A gbọ́dọ̀ lè rántí rẹ̀ nígbà mìíràn. Nọ́ńbà 412 ló wà nínú ìwé màmá, gbogbo wọn jẹ́ ti ẹni tó ti rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080, àwọn kan pẹ̀lú +23480, àwọn mìíràn sì ti pàdánù òdo ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí a tẹ̀ wọ́n sínú Excel. Ojú kọ̀ǹpútà, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n. Ibẹ̀ ni ẹni tó ti ní òun kò fẹ́ ti máa ń tún gba ọ̀rọ̀: a yọ ọ́ kúrò bíi 080, ó ṣì wà níbẹ̀ bíi 23480. A fi ìlà àkọ́kọ́ yìí sọ gbogbo wọn di oríṣi kan nínú òpó B, lẹ́yìn náà ni ìlà kejì wò ó bóyá nọ́ńbà náà wà nínú ìwé àwọn tó ti kúrò, tí a pè ní `Kuro`:

```
="234"&RIGHT(SUBSTITUTE(A2," ",""),10)
=COUNTIF(Kuro!A:A,B2)
```

Ẹni tí ìlà kejì bá fún ní 0 nìkan la máa ń fi ránṣẹ́ sí. Oríṣi kan náà ni a fi ń kọ nọ́ńbà sínú `Kuro`. Nígbà tí a yọ àwọn tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì, 380 ló kù. A kì í pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́ kúrò nínú `Kuro`, nítorí tí ó bá tún rajà lọ́la, tí màmá sì tún kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, ibẹ̀ nìkan ni a ti máa mọ̀ pé ó ti kọ̀.

Lẹ́yìn tí a fi ránṣẹ́, ìròyìn iléeṣẹ́ náà fi hàn pé 31 kò dé, DND ló dá wọn dúró. Àwọn wọ̀nyí ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, nọ́ńbà tí NCC mú kí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa lò láti ọdún 2016, pé àwọn kò fẹ́ ìpolówó. Oníṣẹ́ náà ní ọ̀nà mìíràn wà tó ń gba orí DND kọjá, tó wọ́n díẹ̀ sí i. Ọ̀nà tí báńkì ń gbà fi ìròyìn owó ránṣẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe ti ẹni tó ń polówó aṣọ. Màmá ní, “Ẹni tó ti ilẹ̀kùn, ẹ má gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ ọ́.” A kó àwọn 31 náà sínú `Kuro`.

Èèyàn méje ló kan síìmù kékeré yẹn. Méjì kọ DURO. Márùn-ún fíláàṣì, nígbà tí a pè wọ́n padà, mẹ́ta ní kí a yọ àwọn kúrò, a sì kọ wọ́n sínú `Kuro` lójú ẹsẹ̀. Àwọn méjì tó kù fẹ́ mọ̀ bóyá aṣọ aláró ṣì kù.