Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kó Èésú?

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, àwa mẹ́wàá jókòó sí ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ní ọjà Òkè-Ajé, ní Ìjẹ̀bú-Òde. A ká bébà pélébé mẹ́wàá sínú fìlà, olúkúlùkù sì mú tirẹ̀. ₦20,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa dá lóṣooṣù, ₦200,000 ni ẹni tí ó bá kàn yóò máa kó. Èmi ni akọ̀wé. Ipò kejì ni mo mú, inú mi sì dùn.

Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ kan láàrin wa mú ipò kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ni owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò pé ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ọkùnrin kan tí ó mú ipò keje fẹ́ kó tirẹ̀ kí oṣù Òkúdu tó dé, nítorí pé Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù náà, regbẹ́regbẹ́ rẹ̀ sì ti mú aṣọ.

Èésú kì í ní èlé, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ipò kò já mọ́ nǹkan kan. Ṣebí iye kan náà ni gbogbo wa yóò kó. Àmọ́ ẹ wo ẹni àkọ́kọ́: ₦20,000 péré ni ó ti dá nígbà tí ó kó ₦200,000. Ó jẹ wá ní ₦180,000, oṣù mẹ́sàn-án ni yóò sì fi san án. Kí ẹni kẹwàá tó kó tirẹ̀, òun ti yá àwọn yòókù ní ₦180,000. Ẹni iwájú ń yáwó, ẹni ẹ̀yìn ń yáni lówó láìgba kọ́bọ̀ lé e. Bí ọjà ṣe ń gbówó lórí lọ́dún yẹn, owó tí ẹni ẹ̀yìn kó kò lè ra ohun tí ti ẹni iwájú rà mọ́.

Olórí wa, ìyá àgbà kan tí ó ti ń dá èésú kí wọ́n tó bí mi, bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Bí owó yìí bá fi oṣù mẹ́ta pẹ́, kí ni yóò bàjẹ́?” Aránṣọ ní onílé yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa, aṣọ oníbàárà yóò sì há sínú rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò wá ọgbọ́n mìíràn dá. (Ní Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ohun kékeré pé kí ènìyàn má bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà, mi ò fojú yẹpẹrẹ wò ó. Síbẹ̀, ìyá gba ọ̀nà tí ó tọ́.)

Ẹni tí ó mú ipò kẹta gbà láti bá aránṣọ pààrọ̀. Ìyá béèrè onígbọ̀wọ́, ó sì ní ẹni tí kò tíì kó tirẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá kó ní oṣù kẹta ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní ₦140,000. Bí kò bá san án, a lè yọ ọ́ lára ohun tí onígbọ̀wọ́ máa kó. Ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ lọ kò ní ohun tí a lè dì mú. Ní oṣù Òkúdu, aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ₦10,000 wá, á ní ìyókù ń bọ̀. Bí gbèsè ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín. Onígbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ bá a nílé lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó sì san án pé.

Mo rò pé a ti ṣe dáadáa títí di oṣù Ògún, nígbà tí ó kan ìyá ẹlẹ́ja tí ó mú ipò kẹjọ. Ó ka owó náà tán lójú mi, ó yọ èyí tí ó pọ̀ jù sọ́tọ̀, ó ní ti olówó èlé nìyẹn. Fírísà rẹ̀ ti bàjẹ́ láti oṣù Èbìbí, òun àti ẹja inú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa.

“Aránṣọ sọ tirẹ̀ lójú gbogbo yín, ẹ sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹran orí àtẹ. Ẹnu mi kò gbà á.”

Èmi tí mo kó ní oṣù Èrèlé, aṣọ ni mo fi tèmi rà kún ìsọ̀, àwọn kan sì ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tí wọn ò tíì tà.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ti 2025, a yí i padà. Olúkúlùkù kọ́kọ́ lọ bá olórí sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, kí a tó mú bébà rárá. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n kó gbẹ̀yìn lọ́dún tí ó kọjá ni wọ́n kọ́kọ́ yan ipò. Olórí mú ipò kẹrin, èmi mú ìkeje, àwa méjèèjì sì gbà pé bí ìṣòro òjijì bá dé bá ẹnikẹ́ni, a óò fi ipò wa sílẹ̀ fún un, a óò sì gba tirẹ̀ lẹ́yìn. Ihò ṣì wà níbẹ̀: ẹni tí wàhálà bá bá lẹ́yìn oṣù keje, a kò ní ipò kankan tí a lè fún un.

Ní oṣù Igbe, olórí fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀kan lára wa. Mo kọ orúkọ àti ₦200,000 sínú ìwé. Nígbà tí mo fẹ́ bi í ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe, ó na ọwọ́, ó sì pa ìwé náà dé.