Ìjókòó Tí Kò Fẹsẹ̀ Kan Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ ilé ìyàgbẹ́ kì í ṣe ohun tí Yorùbá máa ń sọ ní gbangba. Ẹni tó bá fẹ́ lọ á kàn ní òun fẹ́ yà sẹ́yìn ilé. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá ń dun ìyá ẹni, tí kò lè dìde lórí ìjókòó láìjẹ́ pé ẹnìkan fà á lọ́wọ́, ìtìjú ọ̀rọ̀ náà a tán nílẹ̀. Ohun tó mú mi mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn yìí nìyẹn, nígbà tí a ń tún balùwẹ̀ ìyá mi ṣe ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin náà ti lè rí irú ìjókòó ìyàgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì: àwo tánńganran tó so mọ́ ògiri, tí a lè fi ìgbálẹ̀ gbá abẹ́ rẹ̀ kọjá, tí a kò sì rí táńkì omi rẹ̀ rárá. Gbogbo ohun tí ojú ń rí ni àwo pẹlẹbẹ kan lára ògiri, tó ní ibi méjì tí à ń tẹ̀, ọ̀kan fún omi púpọ̀, èkejì fún omi díẹ̀. Àwo tó dúró lórí ilẹ̀ ti gba gíga rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Àwo tí a gbé kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Gíga tí ẹni tó gbé e kọ́ bá fún un ni yóò máa jẹ́. Àǹfààní rẹ̀ nìyí, ewu rẹ̀ náà sì nìyí.

Kì í ṣe ògiri ló gbé àwo yìí dúró. Férémù irin kan wà nínú ògiri, ó ní ẹsẹ̀ méjì tí a lè fà gùn tàbí kí a tì wọlé. Táńkì omi oníke wà lókè rẹ̀. Nísàlẹ̀ táńkì, bóòtù gígùn méjì yọ síta, àwọn ni a ó fi àwo kọ́. Ẹnu páìpù méjì tún wà níbẹ̀: kékeré tòkè ń gbé omi wá, ńlá ìsàlẹ̀ ń kó ìdọ̀tí lọ. Nítorí náà, ibi tí bóòtù bá wà ni ìjókòó yóò wà. Bí a bá ti mọ ògiri bò ó, tí a sì lẹ táìlì, kò sí àtúnṣe mọ́ àfi kí a fọ́ ògiri.

Gíga tí ó wọ́pọ̀ fún irú ìjókòó yìí jẹ́ nǹkan bíi 40 sí 42 sẹ̀ǹtímítà. Ìyẹn kéré fún orúnkún ìyá mi. A gbé àga kan kalẹ̀ fún un, a ń fi pákó sábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí a fi dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ nílẹ̀, tí òun náà sì lè dìde láìdi ẹnikẹ́ni mú. A wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ 46 sẹ̀ǹtímítà. Màmá ní, "Ibí yìí ni kí ẹ fi í sí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà."

Púlọ́ńbà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ iṣẹ́ páìpù dáadáa, mú téèpù, ó fẹ́ wọ̀n ọ́n láti orí kọnkéré tí a dúró lé. Mo ní kó jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Ìyá mi kò ní fẹsẹ̀ tẹ kọnkéré yẹn láé. Orí táìlì ni yóò tẹ̀, táìlì kò sì tíì sí níbẹ̀. Bíríkìlà sọ fún wa pé sìmẹ́ńtì tí òun yóò tẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, táìlì àti ohun tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ sì jẹ́ 1.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 5.5. A wá wọ̀n àwo fúnra rẹ̀ láti ihò bóòtù dé etí òkè rẹ̀, ó jẹ́ 8. Òrùka ike tí à ń jókòó lé sì nípọn tó 2. Bí a bá yọ 8 àti 2 kúrò nínú 46, ó ku 36: ìyẹn ni gíga bóòtù láti orí táìlì. A fi 5.5 kún un, ó di 41.5 láti orí kọnkéré. Ibẹ̀ ni a sàmì sí lára ògiri. Ká ní a wọn 36 láti orí kọnkéré ni, ìjókòó ìbá di 40.5, gbogbo ìnáwó wa ìbá sì já sí òfo. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ tí kò tíì sí ni a fi ń wọ̀n ọ́n!" Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí. Ẹ má sì lo òṣùwọ̀n tèmi: àwo yàtọ̀ síra, ẹ wọ̀n tiyín.

Lẹ́yìn gíga, ó kan agbára. Àwo wa yọ síta tó 54 sẹ̀ǹtímítà. Bí ènìyàn bá jókòó sí iwájú rẹ̀, ńṣe ni ó ń fa orí férémù kúrò lára ògiri. A ń dán irú ìjókòó yìí wò pẹ̀lú ẹrù 400 kìlógíráàmù, ṣùgbọ́n òfìfo ni ìyẹn bí ibi tí a so férémù mọ́ kò bá lágbára. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni ògiri wa. A la ojú rẹ̀ níbi tí bóòtù òkè yóò wọ̀, a rọ kọnkéré kún ihò náà, a sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí a tó lu ihò bóòtù. Ẹsẹ̀ férémù wọ inú kọnkéré ilẹ̀.

Kí bíríkìlà tó bò ó, a jẹ́ kí omi kún táńkì, a tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a fi bébà gbígbẹ sábẹ́ gbogbo oríkèé páìpù di ọjọ́ kejì. Kò sí èyí tó tutù. Ìgbà yẹn ni a tó gbà kí ó mọ ọ́n pa, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ kó dín ojú ihò àwo ìtẹ̀ kù, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ yóò máa gbà wọlé láti pààrọ̀ rọ́bà inú táńkì tàbí láti ti omi pa.

Nígbà tí táìlì gbẹ tán, a gé páìpù méjèèjì sí ìwọ̀n ihò ẹ̀yìn àwo, a fi fóòmù pẹlẹbẹ sáàárín àwo àti táìlì, a sì ń dì nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, nítorí tánńganran a máa sán bí a bá fi agbára dì í. A fi sílíkọ́ọ̀nù dí etí rẹ̀ lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, a fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀, kí omi tó bá ń jò lè kán sílẹ̀ kí a rí i. Bí ẹ bá rí ìlà tó sán lára táìlì lábẹ́ àwo, férémù ló ń mì. Bí omi bá ń ṣàn tínrín nínú àwo láìtẹ̀ ẹ́, rọ́bà inú táńkì ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Mo ya àwòrán férémù náà kí ògiri tó bò ó, mo sì kọ 41.5 àti 5.5 sẹ́yìn rẹ̀. Inú àpótí tí ìwé ilé wà ni mo fi í sí, fún ẹni tí yóò gbẹ́ ògiri yẹn lọ́jọ́ iwájú.