Bí A Ṣe Tún Àkọlé 1 Kọ Lẹ́ẹ̀mẹ́ta

 

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń ṣe àwòrán alátẹ̀léra sórí Instagram láti fi kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá. Èyí tó wà níwájú ló máa ń gbé àkọlé, a ó sì máa fi ìka fa ìyókù wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2017, àwòrán 10 ni kò gbọdọ̀ kọjá. Láti ọdún 2024 ó ti di 20. Àyè ti pọ̀ sí i, àmọ́ àwòrán àkọ́kọ́ ṣì ni ẹni tó ń kọjá lọ máa kọ́kọ́ rí. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ ni yóò fi mọ̀ bóyá kí òun dúró tàbí kí òun máa lọ.

Ìyá kan fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 11, ló jọ ṣe é. Àwòrán 8 ni, iṣẹ́ inú rẹ̀ sì dára gan-an. Àkọlé rẹ̀ ni "Ẹ Jẹ́ Ká Ka Òǹkà Yorùbá". Mo bi ọmọ náà pé ta ló ṣe é fún. Ó ní, "Àbúrò mi ni, àǹtí." Mo ní, kí ni àbúrò rẹ kò tíì mọ̀? Ó ní ó mọ ení dé ẹ̀wá, ó sì mọ ogún, ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá ẹ̀wá, Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bọ́ sí.

Ẹ wo ìdáhùn yẹn dáadáa, àkọlé ti wà nínú rẹ̀. "Òǹkà Yorùbá" lè jẹ́ ení dé ẹ̀wá, ó lè jẹ́ igba, ó lè jẹ́ owó. Òbí tó rí i kò lè mọ̀ bóyá ọmọ òun ti kọjá ibẹ̀.

Ìyá ló kọ́kọ́ tún un kọ: "Nǹkan 8 Nípa Òǹkà Yorùbá". Nọ́ńbà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ló ń kà, kò sọ ohun tí ọmọ yóò lè ṣe. Ọmọ ló kọ ìkejì: "Ka Òǹkà Dé 100 ní Ìṣẹ́jú 5". (Àwọn ọmọdé kì í fẹ́ nǹkan kékeré!) Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò kọjá 20, kò sì sẹ́ni tó wo aago. Mo ní kí wọ́n ṣí àwòrán tó kẹ́yìn, kí wọ́n wá bi ara wọn pé: ẹni tó dé ibí, ṣé ó lè ṣe ohun tí àkọlé sọ?

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni gan-an rèé. Láti 11 dé 14, a ń fi kún ẹ̀wá: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Láti 15 lọ, a ń yọ kúrò nínú ogún: mẹ́rìndínlógún ni 16, torí pé ogún dín mẹ́rin ni. Nítorí náà ìkẹta di "Òfin 2 Láti Fi Ka 11 Dé 19 ní Yorùbá".

Wọ́n kọ "O gbọ́dọ̀ ti mọ ení dé ẹ̀wá àti ogún" sórí àwòrán kejì. Ẹ má fi àwòrán kejì ṣeré o. Bí ẹnì kan bá rí ti àkọ́kọ́ tí kò fà á, Instagram lè tún gbé ìkejì wá síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ó yẹ kí ó lè dá dúró.

Wọ́n wá dán an wò lára àbúrò. 11 dé 14, ó gbà á. 16 dé 19, ó gbà á. Nígbà tó kan 15, ó ní "márùn-úndínlógún". Òfin tí wọ́n kọ́ ọ ló tẹ̀ lé! Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a ń pè é, ó ti súnkì. Àkọlé ṣèlérí nọ́ńbà 9, ẹ̀kọ́ sì fún un ní 8. Bí àkọlé bá ṣì jẹ́ "Ẹ Jẹ́ Ká Ka Òǹkà", kò sẹ́ni tí ì bá rí ihò yẹn. Wọ́n fi àwòrán kan kún un fún 15 nìkan.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àkọlé ṣiṣẹ́, ẹ má ka àmì ọkàn pupa. Iye ẹni tó fi í pamọ́ àti iye ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn ni kí ẹ wò, kí ẹ sì fi wé àwọn tí ẹ ti ṣe ṣáájú. Kì í sì ṣe gbogbo nǹkan ló nílò nọ́ńbà. Fún àlọ́ Ìjàpá, "Ègbè Orin tí Ọmọ Yóò Lè Gbè" ti tó.

Ọmọ náà ti ń ṣe 21 dé 29 báyìí. Òfin 2 yẹn náà ni, ọgbọ̀n ló rọ́pò ogún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nìkan ni yóò tún gba àwòrán tirẹ̀.