Ta Ló Sọ Fún Kẹ́hìndé Pé Olódo Ni?

Àwa méjì la jọ ń kọ èyí, ìbejì sì ni wá. Táyé ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, Kẹ́hìndé ń kọ́ ẹ̀kọ́ àkáǹtì. Nóòtì tí Táyé mú wálé láti kíláàsì ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láàárín wa, a sì ti ń fà á mọ́ ara wa lọ́wọ́ láti bí oṣù méjì báyìí.

Charles Horton Cooley, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ́ni ní Yunifásítì Míṣígàn, ló mú ọ̀rọ̀ dígí wọ inú ẹ̀kọ́ yìí nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1902. Ó ní bí èèyàn ṣe nílò dígí kó tó lè rí ojú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló nílò àwọn ẹlòmíì kó tó lè mọ irú ẹni tóun jẹ́. Ohun mẹ́ta ló ń ṣẹlẹ̀ nínú dígí yẹn. A máa ń fọkàn ro bí a ṣe rí lójú ẹnì kan. A ó wá ro irú ìdájọ́ tí ẹni náà ń ṣe nípa ohun tó rí. Ìdájọ́ tí a rò pé ó ṣe yìí ló máa ń mú kí orí wa wú, tàbí kí ojú tì wá. (Ẹ sì wo bí Yorùbá ṣe sọ ọ́: kì í ṣe ọkàn ló ń tini, ojú ni.)

Ọ̀pọ̀ tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí máa ń sọ pé èrò àwọn èèyàn nípa wa ló ń sọ wá di ẹni tí a jẹ́. Cooley ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rò pé wọ́n ń rò ló sọ. Ìyàtọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn, torí ẹni tí a ń wò bíi dígí lè má tiẹ̀ ronú kàn wá rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé wà.

Láti jẹ́lé-ó-sinmi la ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Nígbà tí a dé Pírámárì 3 ní Òṣogbo, tíṣà tuntun kan dé, ó sì tún ìjókòó wa tò. Ó fi Táyé síwájú, ó fi Kẹ́hìndé sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò ṣàlàyé ìdí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ilé ìwé wa ló gbà pé àwọn olódo ló ń jókòó lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó kọ́ wa ní èyí bíi kí wọ́n kọ́ wa ní ABD. Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ ló bá ṣe ìṣirò rẹ̀: tíṣà wo àwa méjèèjì, ó rí i pé ọ̀kan mọ̀wé, èkejì ò mọ̀wé, ó sì yà wá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, kò sì sọ fún Táyé pàápàá.

Ohun tó ṣe ni pé kò nawọ́ mọ́. Ó rántí ọjọ́ kan tí tíṣà béèrè pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó. Ó mọ̀ ọ́n. Ojú tíṣà yí gbogbo kíláàsì ká, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kọjá. Lójú Kẹ́hìndé, ẹ̀rí nìyẹn. Àbí ta ló máa pe ẹni tí kò nawọ́? Nígbà tí sáà kìíní parí, Táyé ṣe ipò karùn-ún, Kẹ́hìndé ṣe ìkọkànlélógún nínú ọmọ méjìdínlógójì. Nígbà tó fi máa di sáà kẹta, tíṣà ti kọ ọ́ sínú káàdì rẹ̀ pé kó tẹra mọ́ṣẹ́ sí i. Ohun tí Kẹ́hìndé kàn rò tẹ́lẹ̀ ti wá di ohun tí tíṣà ń rí lóòótọ́.

Lórí bẹ́ǹṣì kan náà yẹn, ọmọkùnrin kan jókòó tì í tí ọ̀rọ̀ náà kò tu irun kan lára rẹ̀. Òun ni gólì kíláàsì wa. Ojú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ló ń wò, kì í ṣe ojú tíṣà. Cooley náà rí èyí: ó ní ìwà ẹni tí a ń wò àti bí ó ṣe wúwo tó lójú wa ló ń pinnu ohun tó máa tì wá lójú níwájú rẹ̀. Kẹ́hìndé fẹ́ràn tíṣà yẹn gan-an ni. Ìdí nìyẹn tí ìjókòó lásán fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè béèrè pé ilé ńkọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù màmá wa, Kẹ́hìndé ló ń ka ṣéńjì, kò lo ìwé, kò lo bírò, màmá sì máa ń yìn ín. Kò wọ̀ ọ́ létí. Ìyá ẹni ṣáà ni, kí ló tún máa sọ? Àwọn oníbàárà ló ṣe é. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn á dúró de Kẹ́hìndé kó wá ṣírò ọjà àwọn. Àwọn yẹn kò jẹ ẹ́ ní gbèsè ìyìn, torí náà ló ṣe gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀kọ́ àkáǹtì tó ń kọ́ lónìí, ẹnu káńtà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a pàdé tíṣà yẹn níbi ìgbéyàwó kan. A kúnlẹ̀ kí wọn, Táyé sì bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ya àwa méjèèjì nípò nígbà yẹn?" Ó ya wọ́n lẹ́nu. "Kẹ́hìndé? Ṣebí ó ga jù ẹ́ lọ ni. Tó bá jókòó síwájú, ta ló máa rí bọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀?"

Lọ́dún 1979, Shrauger àti Schoeneman kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n rí i pé bí èèyàn ṣe ń wo ara rẹ̀ sábà máa ń bá ohun tó rò pé àwọn ẹlòmíì ń rò nípa rẹ̀ mu. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi wé ohun tí àwọn ẹlòmíì náà sọ gan-an, ìbáramu tó dúró ṣinṣin kò sí.

Àwa náà dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó rò pé èkejì máa sọ nípa òun, ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta nípa èkejì. Kẹ́hìndé rò pé Táyé máa kọ onítìjú, onísùúrù, ẹni tí nǹkan kì í tètè yé. Ohun tí Táyé kọ ni alágídí, ẹni tí owó yé, ẹni tí kì í gba ìrẹ́jẹ. Kẹ́hìndé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Táyé búra pé òun ò ṣe ẹ̀fẹ̀.

Táyé ní tirẹ̀ rò pé Kẹ́hìndé máa kọ olóye, ó sì fi í sí ipò kìíní. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí Kẹ́hìndé kọ síbẹ̀ ni "ẹni tó máa ń bẹ̀rù láti kùnà." Táyé kò tíì fèsì sí ìyẹn títí di àsìkò tí a ń tẹ èyí.